Ìwé Iṣẹ́ Èdè Méjì: Bí Ọ̀rọ̀ Ilé Ṣe Ń Di Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ọmọ Kékeré

Àwọn tíṣà ń pè é ní wọ́kíṣíìtì. Ìwé pélébé ni, ojú kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ Yorùbá wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lápá ọ̀tún, wọ́n á ní kí ọmọ fi pẹ́ńsù fa ìlà láti ọ̀rọ̀ kan dé èkejì rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ti to gbogbo ẹ̀yà ara sójú ìwé kan náà: orí, ojú, imú, etí, ọrùn, ọwọ́, ìka, ikùn, orúnkún, ẹsẹ̀. Ọmọ á fa ìlà rẹ̀ tán, tíṣà á fi bírò pupa sàmì sí i, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, kí ẹ sì ní kó pe orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Á máa wojú yín ni.

Mo ti rí irú ìwé yìí lọ́wọ́ ọmọ púpọ̀ débi pé mi ò lè dákẹ́ mọ́. Ọmọ náà kì í ṣe olódo, tíṣà náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe ṣe ìwé náà ni kò dára. Wọ́n rò pé bí a bá ti to ọ̀rọ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan á fa èkejì wọ orí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ orí ọmọ ọdún méje.

Títo ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọdún 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti mọ̀wé ni ó ṣe é fún. Ti ọmọdé yàtọ̀, ibi tí wọ́n sì ti wá a wò dáadáa nílẹ̀ wa ni Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ kíláàsì kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Kíláàsì kejì tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ń gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Nígbà tí wọ́n kó èsì jọ, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn yòókù yọ.

Ohun tí mo mú nínú ìwádìí yẹn fún ọ̀rọ̀ tòní ni pé àwọn ọmọ náà ti mọ nǹkan tán kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé bá a. Ìmọ̀ ló ṣáájú, orúkọ kejì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tó yẹ kí ìwé iṣẹ́ èdè méjì ṣe nìyẹn: kó mú ohun tí ọmọ ti mọ̀ ní Yorùbá, kó fún un ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, kó sì wá máa yọ Yorùbá kúrò díẹ̀díẹ̀ bí ìyá ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ìwé tó bá fi méjèèjì síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ń jẹ́ kí ọmọ máa ka Yorùbá lásán. Èyí tó bá yọ Yorùbá kúrò lọ́jọ́ kìíní ń jẹ́ kó máa ya àmì tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi kíláàsì kejì ní ìlú kan tí wọ́n ṣì ń pọn omi kànga ṣe àpẹẹrẹ, ká sì ṣe ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò kan pẹ́ńsù rárá. Tíṣà á gbé àwòrán obìnrin kan tó ń fa omi sókè, á bi àwọn ọmọ pé, “Kí lẹ ń pe èyí nílé?” Ọ̀kan á ní, “Korobá, mà.” Òmíràn á ní, “Bọ́kẹ́ẹ̀tì, mà.” Tíṣà tó gbọ́n á gba méjèèjì, á sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lẹ́nu kó tó dé ilé ẹ̀kọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ló kù láti tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ Èkìtì ni, ọmọ lè pe ilé ní ulé, kó pe iṣu ní uṣu. Yorùbá ilé ìwé tí ìwé iṣẹ́ máa ń lò lè yàtọ̀ sí ti ilé rẹ̀. Bí tíṣà kò bá so méjèèjì pọ̀ ní ẹnu ṣáájú, ọ̀rọ̀ àjèjì méjì ni ọmọ ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí a sì rò pé ọ̀kan ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni yíyan ọ̀rọ̀. Mẹ́fà tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Fún àwòrán tiwa, a mú omi, korobá, okùn, kànga, fà àti wúwo. Ẹ wò ó pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n. Mẹ́rin jẹ́ orúkọ nǹkan, ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe, ọ̀kan sọ bí nǹkan ṣe rí. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ yàn wọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Tinkham fi ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá dán àwọn ènìyàn wò, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1993 àti 1997: nígbà tí ọ̀rọ̀ tuntun bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, bí oríṣi èso tàbí oríṣi aṣọ, wọ́n máa ń ṣòroó há ju ìgbà tí wọn kò jọra lọ. Waring tún un ṣe láàárín àwọn ará Japáànù ní 1997, ohun kan náà ló rí. Àgbà ni àwọn tí wọ́n lò, ṣùgbọ́n tíṣà tó bá ti kọ́ ọmọ kékeré ní àwọ̀ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ á mọ̀ pé àwọ̀ ni, kò ní mọ èwo. Ìdí nìyí tí ojú ìwé ẹ̀yà ara yẹn kò fi so èso. Kò sí ohun tó burú nínú kíkọ́ ẹ̀yà ara, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ mẹ́wàá pa pọ̀. Ẹ mú ọwọ́ wá lọ́sẹ̀ tí ẹ ń kọ́ wọn nípa fífọ nǹkan, kí ẹ mú etí wá lọ́sẹ̀ tí ẹ ń kọ́ wọn nípa orin àti ìlù.

Ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, etí àti ẹnu nìkan ni wọn yóò lò. Tíṣà á mú korobá gidi àti okùn gidi wá. Á sọ ọ́ ní Yorùbá lẹ́ẹ̀kan kí ó dá a lójú pé gbogbo wọn mọ ohun tó ń sọ, á wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ á máa ṣe é bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Nígbà tó bá ní “pull”, wọ́n á fà. Nígbà tó bá ní “heavy”, wọ́n á gbé korobá tó kún, wọ́n á sì kérora. Ibí ni wàhálà ohùn ti ń yọjú, ó sì sàn kó yọjú níbí ju orí ìwé lọ. Yorùbá kò ní ohùn tó wà láàárín “heavy”, nítorí náà ọmọ á sọ ọ́ bí ẹni pé éèfù ló wà níbẹ̀. Tíṣà á ní kó fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀, kí ọ̀fun sì dún. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà “rope” á di róòpù, “pull” á di púùlù. Kí tíṣà má bínú sí èyí. Ọmọ tó sọ róòpù tó sì na ọwọ́ sí okùn ti mọ ọ̀rọ̀ náà. Ohùn á gún bí ó bá ń gbọ́ ọ déédéé, ìtumọ̀ ló ṣe pàtàkì ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọjọ́rú ni ìwé kìíní dé. Ó ní àwòrán mẹ́fà, abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ Yorùbá wà ní lẹ́tà ńlá, Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà tó tóbi bákan náà. Ọmọ kò ní kọ nǹkan kan. Tíṣà á pe ọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ á fi ìka kàn án, á sì kun àwòrán rẹ̀. Ohun tí ìwé yìí ń ṣe ni pé ó ń so ohùn tó ti wà létí mọ́ àmì tó wà lójú.

Ìwé kejì, ní Ọjọ́bọ̀, ni ìwé fífa ìlà, òun ni àwọn ènìyàn sì ń bà jẹ́ jù. Bí àwòrán mẹ́fà bá wà lápá òsì, tí ọ̀rọ̀ mẹ́fà wà lápá ọ̀tún, ọmọ tó mọ mẹ́rin á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba mẹ́fà, torí méjì péré ló kù láti gbìyànjú. Ẹni tó mọ márùn-ún ti gba ìkẹfà lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sápá ọ̀tún: mẹ́fà ti ọ̀sẹ̀ yìí, pẹ̀lú méjì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí kò ní àwòrán kankan níbẹ̀. Àbùjá ti dí nìyẹn, ọmọ sì tún rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ méjì lójú. Ẹ yí ètò àwọn àwòrán padà kúrò ní ti Ọjọ́rú pẹ̀lú, torí ọmọdé máa ń rántí pé ìkẹta láti òkè ni korobá láìmọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Lórí ìwé kejì yìí, Yorùbá ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti kéré, lẹ́tà tó rẹ̀wẹ̀sì lábẹ́ àwòrán, fún ẹni tó bá ṣì nílò rẹ̀.

Lórí ìwé kẹta, Yorùbá ti kúrò lójú ìwé, ó ti lọ sẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán wà níwájú, lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àlàfo. Ọmọ á kọ ìyókù, bí kò bá dá a lójú, á yí ìwé padà láti wo ẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, nítorí ó ń jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tí kò nílò Yorùbá mọ́. Tíṣà tó bá ń wo kíláàsì á rí i kedere: àwọn kan á yí ìwé padà fún gbogbo ọ̀rọ̀, àwọn kan á yí i fún ẹyọ kan, àwọn kan kò ní yí i rárá. Ìyẹn fi ibi tí ọmọ dé hàn ju máàkì orí ìwé lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ ti ń dúró nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro tó tóbi jù ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà wọ̀nyí á fẹ́ sọ̀rọ̀, bí ó sì ṣe ń sọ ọ́ nílé ni yóò ṣe tò ó. Ní Yorùbá, a ń sọ pé “Korobá wúwo,” ó parí. Wúwo fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ gbólóhùn náà, bí fà ṣe ń ṣe é. Ọmọ tó bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ á sọ pé “Bucket heavy.” Èrò rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í gba “heavy” láti dá dúró bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní “is” níwájú rẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ méjì méjì kò lè fi èyí hàn láéláé, torí kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ máa kọ sí òdìkejì “is” níbẹ̀.

Nítorí náà ni ìwé kẹrin, ti Ọjọ́ Ẹtì, fi gbọ́dọ̀ jẹ́ gbólóhùn. A kọ ọ́ báyìí: “The bucket is ____.” Àlàfo kan, ọ̀rọ̀ kan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, “The rope is ____,” pẹ̀lú àwòrán okùn gígùn, “long” sì ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àtijọ́. Lẹ́yìn náà, “Pull the ____.” Ọmọ kò nílò àlàyé gírámà kankan. Á rí “is” nígbà tí a bá ń sọ bí nǹkan ṣe rí, kò ní rí i nígbà tí a bá ń pàṣẹ, bí ó sì ti ń rí i bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, etí rẹ̀ á mọ ibi tó yẹ. Bí tíṣà bá ní ààyè fún ìwé kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, èmi á ní kó mú ìwé kẹrin yìí, kó sì fi ẹnu àti pátákó ìkọ̀wé ṣe àwọn tó kù.

Ìṣòro mìíràn wà tí ìlà tó lọ láti ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan ń fi pamọ́. Yorùbá lè pe láti èjìká dé ìka ní ọwọ́. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì, “arm” lókè, “hand” nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, “leg” àti “foot”. Ẹran tó ń rìn káàkiri ìgboro àti ẹran inú ọbẹ̀, orúkọ kan náà ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa, méjì ni lọ́dọ̀ wọn. Bí ìwé bá kọ ọwọ́ kó sì fa ìlà sí “hand” nìkan, ọmọ á wá sọ lọ́dún tó ń bọ̀ pé abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì gún òun lápá wọ òun ní “hand”. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ ya ọwọ́ kan tó gùn, kí ẹ kun apá kan ní pupa, apá kejì ní búlúù, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lókè, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì nísàlẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: àwọn ọ̀rọ̀ kan kò yẹ lórí ìwé iṣẹ́ yìí rárá. Àmàlà, àmàlà ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti rí ìwé kan tó kọ gbólóhùn gígùn sí iwájú rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà láti kọ́ sórí. Ẹ má fi àkókò ọmọ ṣòfò.

Lápá Yorùbá, àmì ohùn ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ẹni tó bá fi fóònù tẹ ìwé iṣẹ́ láìsí àmì á kọ oko sábẹ́ àwòrán mọ́tò, ọmọ á sì kà á bó ṣe rí. Oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yàtọ̀ síra, apá Yorùbá yìí sì ni ohun tí ọmọ gbára lé. Bí kọ̀ǹpútà kò bá lè kọ àmì náà, kí tíṣà tẹ ẹ́ láìsí àmì, kó sì fi bírò fi àmì sí i lórí ẹ̀dà àkọ́kọ́ kó tó lọ ṣe fótókọ́pì.

Fótókọ́pì náà ná owó, kíláàsì tó ní ọmọ ọgọ́ta kò sì lè ní ìwé mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Páálí ìsàlẹ̀ bisikíìtì ń ṣiṣẹ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ ya àwòrán sí ojú kan, kí ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ojú kejì, Yorùbá ní lẹ́tà kékeré ní igun. Ọmọ mẹ́rin pín páálí mẹ́fà. Nígbà tí ó bá kan yíyọ Yorùbá, wọ́n á gbé òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ lé igun yẹn kó bò ó. Páálí kan náà á ṣe sáà kan.

Báwo ni tíṣà ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọlé? Kì í ṣe máàkì ọjọ́ yẹn. Ọmọ lè da ọ̀rọ̀ kọ dáadáa láìmọ̀ ohun tó ń kọ, ojú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Kí tíṣà dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Kó pe ọmọ márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má mú ìwé dání. Kó sọ ọ̀rọ̀ kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ tọ́ka sí i tàbí kó ṣe é. Lẹ́yìn náà kó tọ́ka sí nǹkan, kí ọmọ pè é. Ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ń rọrùn ju èkejì lọ, kò sì yẹ kí èyí dẹ́rù ba tíṣà: gbígbọ́ máa ń ṣáájú sísọ lẹ́nu gbogbo ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí mẹ́rin nínú márùn-ún bá tọ́ka sí ti tó láti tẹ̀ síwájú. Èyí tí ẹni méjì péré mọ̀ gbọ́dọ̀ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí gbogbo ọmọ bá kùnà “well”, kí tíṣà wádìí bóyá “very well” tí ó máa ń kọ sí ìwé wọn ló dà wọ́n láàmú. Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ méjì ni, ó sì yẹ kí ó ti mú “well” ti kànga dúró di sáà tó ń bọ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Ó dùn mí, nítorí Ifẹ̀ ti fi èsì rẹ̀ hàn wá ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìkéde náà kò yí ohun tó wà lẹ́nu ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní padà. Yorùbá ṣì ló gbé wá láti ilé, tíṣà tí wọ́n ní kó sọ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ìgbà ló wá nílò ìwé iṣẹ́ tó dára jù lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé irú ìwé yìí wálé, ẹ má bi í pé mélòó ló gbà. Ẹ ka ìwé náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ ní kó sọ ohun tí wọ́n ń fi nǹkan náà ṣe fún yín ní Yorùbá. Bí kò bá lè sọ ìyẹn, tíṣà rẹ̀ nílò láti mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà, kí ẹ sì dá a padà fún un lọ́la.